Ìdá Mẹ́wàá Náà Ni, Ṣùgbọ́n Owó Ti Yàtọ̀

"Ẹ́sẹ́ẹ̀sì orí ọkọ̀ yín ṣì jẹ́ 10% kíléèmù kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán ₦100,000, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì." Irú gbólóhùn yìí ni ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì máa ń fi ránṣẹ́ sí alágbàtà nígbà tí wọ́n bá tún àdéhùn wọn yẹ̀ wò, tí alágbàtà náà á sì dà á kọ bó ṣe wà sínú lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Oníbàárà á kà á, á rí 10% tó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, á rí "ṣì jẹ́", á gbà pé kò sí ohun tó yí padà, á sì ti lẹ́tà náà bọ inú dúrọ́ọ̀. Ọjọ́ tí ọlọ́kadà bá họ ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò tó mọ̀ pé ohun tó ń ti àpò ara rẹ̀ jáde ti di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ́sẹ́ẹ̀sì ni apá tí ẹni tó ni ọkọ̀ máa kọ́kọ́ gbé nínú òfò kọ̀ọ̀kan, kí ilé-iṣẹ́ tó gbé ìyókù. Dìdọ́tíbù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Ìdí tó fi wà kò farasin. Fún gbogbo kíléèmù, bó ti wù kó kéré mọ, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ wo ọkọ̀ náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ yẹ ìwé owó mẹkáníìkì wò, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nínú kíléèmù kékeré, wàhálà yìí nìkan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àtúnṣe fúnra rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi iye kan sílẹ̀ tí ẹ́sẹ́ẹ̀sì kò gbọ́dọ̀ lọ sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má bàa máa sáré kiri nítorí gíláàsì àfiwẹ̀yìn kan ṣoṣo.

Iye ìsàlẹ̀ yìí gan-an ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Bọ́ńpà, iná iwájú àti gíláàsì tó ń ti òkè òkun wọlé, títí kan tòkunbọ̀ wọn, gun òkè tẹ̀lé dọ́là. Iye ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé nígbà tí nǹkan ṣì dẹ̀ kò wá lè lé kíléèmù kékeré kankan mọ́. Mi ò bá ilé-iṣẹ́ kankan jà lórí pé ó gbé e sókè. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ ni mo ní ẹjọ́ lé lórí.

Ẹ ronú sí ohun tí ìjọba ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 náà. NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso inṣọ́ránsì, sọ owó inṣọ́ránsì ẹnikẹta fún ọkọ̀ àdáni di ₦15,000 láti ₦5,000, wọ́n sì ní owó inṣọ́ránsì kíkún kò gbọ́dọ̀ dín ní 5% iye ọkọ̀. Gbogbo rédíò ló gbé e, kò sí awakọ̀ tí kò gbọ́, nítorí pé owó tí à ń san wọlé ni. Ẹ́sẹ́ẹ̀sì ò rí bẹ́ẹ̀. Àárín ilé-iṣẹ́ àti oníbàárà rẹ̀ ló wà, kò sẹ́ni tó máa kéde rẹ̀ nínú ìròyìn aago méje. Bí lẹ́tà yẹn kò bá sọ ọ́ kó yé ni, kò sí ibòmíràn tí oníbàárà á ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọkọ̀ kan yẹ̀ wò. Ká ní ìyá oníṣòwò kan ní Ìbàdàn ní Kòróólà tí wọ́n kọ ₦6,000,000 sí nínú ìwé inṣọ́ránsì kíkún. Ní 5%, ₦300,000 ló ń san lọ́dún. Nínú àdéhùn àtijọ́, ẹ́sẹ́ẹ̀sì jẹ́ 10%, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ₦25,000. Nínú ti tuntun, 10% náà ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦100,000.

Ọlọ́kadà họ ilẹ̀kùn, àtúnṣe jẹ́ ₦180,000. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ₦18,000, kò tó iye ìsàlẹ̀, nítorí náà iye ìsàlẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́. Lábẹ́ àdéhùn àtijọ́, ìyá yìí á gbé ₦25,000, ilé-iṣẹ́ á sì gbé ₦155,000. Lábẹ́ ti tuntun, òun á gbé ₦100,000, ilé-iṣẹ́ á gbé ₦80,000 péré. Ká ní ìfarapa náà tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí àtúnṣe jẹ́ ₦90,000: tẹ́lẹ̀, ₦65,000 ìbá ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ wá, ní báyìí, kò sí kọ́bọ̀, kò tiẹ̀ sí ìdí láti kọ kíléèmù. Bó bá jẹ́ ₦600,000 ni àtúnṣe, owó rẹ̀ á kúrò ní ₦60,000 di ₦100,000.

Ẹ wá wo èyí tó tóbi. Ọkọ̀ akẹ́rù fi ẹ̀yìn kọlu iwájú ọkọ̀ náà, àtúnṣe sì di ₦1,500,000. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ₦150,000. Nínú àtijọ́, ₦150,000. Nínú tuntun, ₦150,000. Kò sí ìyàtọ̀ rárá.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyípadà yìí kò kan ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Àwọn tí nǹkan kéékèèké ń ṣẹlẹ̀ sí ló kàn, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa tó ń wakọ̀ ní Mọ́kọ́lá tàbí Ọ̀ṣòdì lójoojúmọ́. Ààlà tó wà láàárín ìhà méjèèjì kò ṣòro láti rí: ẹ mú iye ìsàlẹ̀, kí ẹ wá iye tí ₦100,000 jẹ́ ìdá mẹ́wàá rẹ̀. ₦1,000,000 ni. Gbogbo àtúnṣe tó bá ju ₦25,000 lọ, tí kò sì tó mílíọ̀nù kan, ti yí padà. Èyí tó bá tó mílíọ̀nù kan tàbí tó kọjá bẹ́ẹ̀ kò yí padà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí ni oníbàárà nílò jù, n kò sì rántí lẹ́tà kan tó kọ ọ́.

Bí mo bá jókòó kọ lẹ́tà náà, ohun tí màá kọ nìyí:

"Ẹ̀yin oníbàárà wa, ohun tí ẹ ó máa gbé nínú owó àtúnṣe ọkọ̀ yín ti yí padà fún àtúnṣe tí kò bá tó ₦1,000,000. Tẹ́lẹ̀, ìdá mẹ́wàá ni, kò sì lè dín ní ₦25,000. Ní báyìí, ₦100,000 ni. Bí àtúnṣe kò bá ju ₦100,000 lọ, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó san án. Bí ó bá tó ₦1,000,000 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá mẹ́wàá náà ni, bíi ti tẹ́lẹ̀. Àpẹẹrẹ: àtúnṣe ₦180,000, ẹ̀yin ₦100,000, àwa ₦80,000; tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin ₦25,000, àwa ₦155,000."

Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa á ní bí a bá kọ ọ́ báyìí, oníbàárà á sá lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ lónìí ṣì lè bá wa dúnàádúrà, tàbí kó wá ilé-iṣẹ́ mìíràn kí ìwé rẹ̀ tó parí. Èyí tó bá mọ̀ ní gáréèjì, níwájú mẹkáníìkì tó ń bèèrè owó, ìjà ló máa bá wá. Òfin ààbò oníbàárà ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní FCCPA ti ọdún 2018, tún ti sọ pé ìwé tí à ń fún oníbàárà gbọ́dọ̀ wà ní èdè tó rọrùn, tí yóò yé ẹni tí ìmọ̀wé rẹ̀ mọ níwọ̀n. Kò dá mi lójú pé "èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì" lè yege níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó ní iye owó nínú tí mo fi sínú lẹ́tà yẹn kì í ṣe àrà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìlera ọdún 2010 ló sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń ta inṣọ́ránsì ìlera. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní ìwé àkópọ̀ kan tí kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé mẹ́rin lọ, kọjú kẹ̀yìn, nínú èyí tí wọ́n á ti ṣírò owó àwọn aláìsàn àfọwọ́dá mẹ́ta: Peg tó ń bímọ, Joe tó ní àtọ̀gbẹ, àti Mia tí egungun rẹ̀ dá. Dìdọ́tíbù wọn á wà níbẹ̀, kó-péè wọn á wà níbẹ̀, àròpọ̀ ohun tí aláìsàn náà máa san á sì wà nísàlẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ ṣe àyípadà pàtàkì tó kan ìwé náà láàárín ọdún, ó gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà ó kéré tán 60 ọjọ́ ṣáájú. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Húsítọ̀nù lè ní kó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ wá, kó rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyàtọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn bí ẹ bá ń kà á: dìdọ́tíbù ìlera tiwọn, ọdọọdún ni wọ́n ń kà á, kì í ṣe orí àìsàn kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn á san án tán lẹ́ẹ̀kan, ó di ọdún mìíràn. Ẹ́sẹ́ẹ̀sì ọkọ̀ tiwa, orí ìjàm̀bá kọ̀ọ̀kan ni: bí ọkọ̀ bá forí gbá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ₦100,000 lọ́nà mẹ́ta ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kòróólà wa, nítorí ohun méjì wà tí lẹ́tà sábà máa ń dákẹ́ lé lórí. Ẹni tó bá ti san owó àfikún kí wọ́n má bàa yọ ẹ́sẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní rírà ẹ́sẹ́ẹ̀sì padà, gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ohun tó rà bo iye ìsàlẹ̀ tuntun náà. Bí ìwé rẹ̀ bá kọ iye kan pàtó, bí àpẹẹrẹ ₦25,000, ohun tó rà padà nìyẹn, ₦75,000 tó kù á sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo lórí fóònù á yanjú èyí, ṣùgbọ́n oníbàárà kò lè béèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó wà.

Ìkejì le ju ìyẹn lọ. ₦6,000,000 ni wọ́n kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ká ní irú ọkọ̀ náà ti di ₦10,000,000 lọ́jà. Níbi tí ìwé àdéhùn bá ní gbólóhùn tó sọ pé ẹni tí kò kọ iye ọkọ̀ pé á pín òfò pẹ̀lú ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ á ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ọkọ̀ yìí ni ìyá náà fi sọ́dọ̀ wọn, ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá òfò sì ni àwọn á wò. Ẹ rántí àtúnṣe ₦1,500,000 tí a ní kò sí ìyàtọ̀ nínú rẹ̀. Ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ₦900,000. Ẹ́sẹ́ẹ̀sì 10% lórí ìyẹn jẹ́ ₦90,000, kò tó iye ìsàlẹ̀ tuntun, nítorí náà ₦100,000 ni wọ́n á yọ. Ilé-iṣẹ́ á san ₦800,000, ìyá oníṣòwò á sì wá ₦700,000, òun tó ti gbọ́kàn lé e pé kò ní ju ₦150,000 lọ. Lẹ́tà tó ń sọ nípa ẹ́sẹ́ẹ̀sì tuntun tí kò sì rán ẹnikẹ́ni létí láti tún iye ọkọ̀ rẹ̀ wò ti fi ohun tó tóbi jù sílẹ̀.

Ọjọ́ tí àyípadà náà máa bẹ̀rẹ̀ tún ní ìjàngbọ̀n tirẹ̀. "Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá" ni lẹ́tà sábà máa ń sọ, kò sì yéni bóyá gbogbo èèyàn ló kàn lọ́jọ́ yẹn tàbí kálukú lọ́jọ́ tí ìwé rẹ̀ bá parí. Àdéhùn ọdún kan ni ìwé inṣọ́ránsì. Ilé-iṣẹ́ kò lè dá yí i padà láàárín ọdún kí oníbàárà tó fọwọ́ sí ìwé àfikún. Ìgbà tí ìwé bá parí tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe ni àyípadà tó ń wọlé. Ọjọ́ tí ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀ ló sì ń pinnu àdéhùn tí wọ́n á lò, kì í ṣe ọjọ́ tí kíléèmù dé ọ́fíìsì. Bí ìwé ìyá yìí bá parí ní 30 oṣù kẹsàn-án, tí ọlọ́kadà họ ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 27, tí òun kò sì fi tó wọn létí títí di 4 oṣù kẹwàá, ₦25,000 àtijọ́ ni yóò san. Akọ̀wé tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lè ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ti tuntun láìmọ̀, nítorí ìwé tuntun ló máa kọ́kọ́ yọ sí i lójú. Ẹ wo ìwé tí wọ́n bá fi jẹ́wọ́ pé àwọn ti gba kíléèmù yín: bí ọjọ́ ìjàm̀bá kò bá sí níbẹ̀, tàbí bó bá jẹ́ ọjọ́ tí ẹ lọ sí ọ́fíìsì ni wọ́n kọ, ẹ dá a padà kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹni tí ẹ́sẹ́ẹ̀sì tuntun kò bá sì tẹ́ lọ́rùn, kó má torí ìyẹn jẹ́ kí ọjọ́ ìparí kọjá láìsanwó. Láti ọdún 2013 ni NAICOM ti ń fi ọwọ́ líle mú un pé bí kò bá sówó, kò sí ààbò. Ẹni tó bá ń jiyàn lórí ₦75,000 lè pàdánù mílíọ̀nù mẹ́fà ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Inṣọ́ránsì ìlera ni mo fẹ́ parí sí, nítorí owó tibẹ̀ ń jáde lọ́nà mìíràn. Kó-péè kò dúró de ìjàm̀bá. Gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá gba ìtọ́jú ló ń san ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, kódà bí owó náà ò ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ètò ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́dún 2005, tí òfin ọdún 2022 sọ di NHIA, ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀: aláìsàn ń san 10% owó oògùn. Àwọn HMO aládàáni náà máa ń mú un wọ àdéhùn tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́, lẹ́tà tó ń kéde rẹ̀ sì sábà máa ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń san owó ọdún, kì í ṣe sọ́dọ̀ àwọn tó máa san kó-péè.

Ká sọ pé ilé-ìwé aládàáni kan ní Abẹ́òkúta gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀: "Òṣìṣẹ́ yóò máa san 10% owó oògùn." Lójú ọ̀gá, nǹkan kékeré ni, owó ọdún kò sì lọ sókè. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tó ń ṣe ibà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí oògùn rẹ̀ jẹ́ ₦6,000, á san ₦600, kò ní rántí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ àgbà kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ₦18,000 ló ń gbà lóṣooṣù. Òun á san ₦1,800 lóṣù, ₦21,600 lọ́dún. Àwọn tó nílò ìtọ́jú jù ni ìyípadà yìí máa ń rọ̀ mọ́ lọ́rùn, yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ tí ìfarapa kékeré ń jìyà rẹ̀. Ohun tó sì ń bani lẹ́rù ni pé olùkọ́ àgbà yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fo oṣù kan láìlọ gba oògùn.

Nítorí náà, kí ọ̀gá ilé-ìwé tó fọwọ́ sí i, ó yẹ kó béèrè bóyá ibì kan wà tí kó-péè ẹnìkan máa dúró sí lọ́dún. Bí wọ́n bá fi í sí ₦10,000, oṣù mẹ́fà péré ni olùkọ́ àgbà náà á fi sanwó kó tó bọ́. Ó tún yẹ kó béèrè iye tí wọ́n ń ṣírò ìdá mẹ́wàá lé lórí. HMO ní iye tó bá ilé ìwòsàn ṣàdéhùn fún oògùn kọ̀ọ̀kan, ilé ìwòsàn sì ní iye tó ń tà á fún ẹni tó bá wọlé láti ìta. Bí oògùn ₦18,000 yẹn bá jẹ́ ₦24,000 lórí káńtà, akáwó tí kò mọ̀ á gba ₦2,400. Ìyàtọ̀ ₦600 yìí kì í hàn sí ẹnikẹ́ni bí rìsíìtì kò bá kọ iye méjèèjì, gbogbo owó oògùn àti ìpín aláìsàn.

Àwọn HMO mìíràn kì í lo ìdá, wọ́n á ní kí aláìsàn san ₦2,000 ní gbogbo ìgbà tó bá rí dókítà. Ó rọrùn láti lóye, kì í sì í ga bí oògùn bá ga, àfi bí lẹ́tà mìíràn bá dé. Àléébù rẹ̀ ni pé bí owó rírí dókítà bá jẹ́ ₦3,000, aláìsàn ti gbé ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Lẹ́tà tó yẹ kó dé ọwọ́ àwọn olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé kan lọ: ohun tí wọ́n á máa san, ohun tí wọn kò ní sanwó lé lórí, irú bíi ìtọ́jú aboyún bó bá wà nínú àdéhùn, nọ́ńbà tí wọ́n á pè bí ilé ìwòsàn bá bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti ẹ̀bẹ̀ kan pé kí wọ́n máa kó rìsíìtì wọn wá sọ́dọ̀ akápò ilé-ìwé. Akápò á ro wọ́n pọ̀ lóṣù kọkànlá. Nígbà tí HMO bá tún gbé ìwé ọdún tuntun dé, tó ní kí wọ́n sọ 10% di 15%, ọ̀gá ilé-ìwé á ti mọ iye náírà gan-an tó ti jáde lápò àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, iye náà ni yóò sì fi bá wọn sọ̀rọ̀.